Èépá funfun inú kẹ́tùlù

Mo gbé kẹ́tùlù sójú fèrèsé láàárọ̀ yìí, mo wo inú rẹ̀ dáadáa. Èépá funfun ti bo irin tó ń gbóná nísàlẹ̀, ó nípọn tó èékánná. Abájọ tó fi ń pariwo bẹ́ẹ̀ kí omi tó hó, tí ìpẹ́pẹ́ sì ń léfòó lójú tíì.

Ìpẹ́pẹ́ yẹn kì í ṣe májèlé. Omi tó bá gba àárín òkúta ẹlẹ́fun kọjá nínú ilẹ̀ máa ń kó kálísíọ́mù dání. Bí omi náà bá tutù, ojú ò lè rí i. Bí a bá sè é, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì tó jẹ́ kó yọ́ sínú omi á sá jáde, kálísíọ́mù á sì dì mọ́ ibi tó gbóná jù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ irin híítà ló kọ́kọ́ ń jìyà. Èépá kì í jẹ́ kí ooru ráyè kọjá: omi á pẹ́ kó tó hó, irin á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà mìíràn á jó.

Èmi ò fara mọ́ fífi ọ̀bẹ ha á. Ojú irin tó bá ti rí pálapàla ni èépá tuntun ń yára dì mọ́. Ohun kíkan ló ń yọ́ ọ. Fínígà ń ṣiṣẹ́, ìdajì rẹ̀ sí ìdajì omi, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kì í tètè lọ. Ìyẹ̀fun ásíìdì sítíríkì, irú kíkan tó wà nínú ọsàn, ni mo lò: mo yọ wáyà kúrò lára iná, mo po ṣíbí ìjẹun kan mọ́ lítà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, mo dà á sí i títí ó fi bo èépá. Mi ò sè é o, torí bí sítíríkì bá hó, ó lè di èérí funfun mìíràn tó ṣòro láti yọ.

Kíá ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó kùṣùkùṣù bí ọṣẹ, láìsí iná. Híhó yẹn ló yẹ kéèyàn máa wò, kì í ṣe aago. Nígbà tó dákẹ́, funfun ṣì kù létí irin, ìyẹn ni pé kíkan omi náà ti tán. Mo dà á nù, mo po òmíràn, ó tún hó. Ká ní tuntun náà ò hó rárá ni, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni èépá ọ̀hún, ásíìdì ilé ò sì ní ràn án. Mo ṣan kẹ́tùlù, mo se omi kan nínú rẹ̀, mo dà á nù.

Ti ẹnu ẹ̀rọ omi, aṣọ tí a rẹ sínú fínígà ni mo wé mọ́ ọn, mo fi ọ̀rá dì í fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tó bá pẹ́ jù, ó lè ba dídán irin jẹ́. Kó má kan òkúta mábù, torí irú nǹkan kan náà lòun àti èépá, fínígà á jẹ ẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí bílíìsì pàdé ásíìdì kankan. Afẹ́fẹ́ olóró ló ń tibẹ̀ jáde.