Iṣẹ́ kan, ilé mẹ́ta

Àárọ̀ àná ni ẹbí rán mi jáde ní Ìkẹ́rẹ́: Bàbá àgbà ti papò dà, lẹ́ni ọdún 88, ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú. Mo gun ọ̀kadà.

Ilé ọ̀rẹ́ Bàbá ni mo kọ́kọ́ yà. Mo dọ̀bálẹ̀: "Bàbá, ọ̀rẹ́ yín ti re ibi àgbà ń rè." Wọ́n rọra gbé obì ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Ó sùn re," ni wọ́n sọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ni mo fi sílẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, ọjọ́, aago. Ó parí.

Adó ló le. Oyún oṣù mẹ́jọ ni Àǹtí mi ní, òun sì ni àbíkẹ́yìn Bàbá. Ọkọ wọn ni mo pè sẹ́yìnkùlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, a sì gbà pé àwọn ni yóò túfọ̀ fún ìyàwó wọn lálẹ́, tí ìyá ọkọ bá ti dé.

Mo ń bọ́ síta ni Àǹtí pè mí: "Ṣé àlàáfíà lẹ bá dé?"

"Wọ́n ní kí n kí yín, mà." N kò lè wo ojú wọn.