Òpó Ìwọ̀n Méjì àti Ìbátan Tí Kò Sí: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ṣáàtì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ dátà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Nínú àwọn ìjábọ̀ tí ẹ kó wá fún mi láti yẹ̀ wò lẹ́nu àìpẹ́ yìí, irú ṣáàtì kan náà ni mo ń rí láti ọwọ́ ẹni tó yàtọ̀ síra: ìlà méjì nínú àwòrán kan, òpó ìwọ̀n kan lọ́wọ́ òsì, òmíràn lọ́wọ́ ọ̀tún, àti gbólóhùn kan lábẹ́ rẹ̀ tó ń sọ pé ohun kìíní ló ń fa ìkejì. N kò ní í kọ́ yín bí a ṣe ń ya ṣáàtì, nítorí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ibi tí ìbárìn tí ẹ rí nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti ń wá, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ẹni tó yà á ló ti wá, kì í ṣe inú dátà.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé òpó ìwọ̀n méjì túmọ̀ sí òǹkà mẹ́rin tí ẹnì kan yàn: ìsàlẹ̀ òpó òsì, òkè rẹ̀, ìsàlẹ̀ òpó ọ̀tún, àti òkè tirẹ̀ náà. Bí ẹ kò bá yàn wọ́n, Excel á yàn wọ́n fún yín nígbà tí ẹ bá tẹ `Secondary Axis`, kò sì mọ ohun tí dátà yín dá lé lórí. Bí òǹkà mẹ́rin yìí bá ti wà lọ́wọ́ ènìyàn, kò sí ìlà méjì tó jọ ń gòkè tàbí tó jọ ń sọ̀ kalẹ̀ tí kò lè mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbì kan náà kí wọ́n sì parí síbì kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é pọ̀. Ní 2014, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Tyler Vigen gbé àkójọ àwọn ìlà jáde, tí ó fi kọ̀ǹpútà ṣà jọ nítorí pé wọ́n ń bára wọn rìn láìní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ara wọn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn ni ti ìkọ̀sílẹ̀ láàárín tọkọtaya ní ìpínlẹ̀ Maine àti májárínì tí ará Amẹ́ríkà kọ̀ọ̀kan ń jẹ lọ́dún. Ní 2000, ìkọ̀sílẹ̀ jẹ́ 5.0 nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Maine. Nígbà tó fi di 2009, ó ti wá sílẹ̀ sí 4.1. Láàárín àwọn ọdún kan náà, májárínì sọ̀ kalẹ̀ láti pọ́n-ùn 8.2 sí 3.7. Ìkọ̀sílẹ̀ fi 0.9 dín kù, májárínì fi 4.5 dín kù. Ẹ pín 4.5 sí ọ̀nà 0.9, ẹ ó rí 5. Ìyẹn ni pé bí òpó ọ̀tún bá gùn ní ìlọ́po márùn-ún òpó òsì, ìsọ̀kalẹ̀ méjèèjì yóò dọ́gba lójú. Tí òsì bá lọ láti 4 sí 5, kí ọ̀tún lọ láti 3.2 sí 8.2:

```
ax1.set_ylim(4, 5)
ax2 = ax1.twinx()
ax2.set_ylim(3.2, 8.2)
```

Ìlà méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà gan-an ní 2000, wọn á sì parí lójú kan náà gan-an ní 2009. Láàárín, wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn. Ẹni tó bá wò ó kò ní í rí 5.0 tàbí 8.2 mọ́, ohun tí ojú rẹ̀ á gbé ni ìlà méjì tó dì mọ́ra.

Ní báyìí, ẹ má fọwọ́ kan dátà rárá. Òǹkà òpó nìkan ni kí ẹ yí padà, kí òsì lọ láti 0 sí 6, kí ọ̀tún lọ láti 0 sí 10. Ìlà méjèèjì ṣì bẹ̀rẹ̀ ní ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, lókè. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi di 2009, ti ìkọ̀sílẹ̀ ṣì wà lókè ìdajì àwòrán dáadáa, nígbà tí ti májárínì ti já wálẹ̀ ré ìdajì kọjá. Ẹni tó bá wo èyí yóò sọ pé ìkan rọra dín kù, ìkejì já lulẹ̀. Dátà kan náà ni, ọdún kan náà ni. Èyí ni ẹ̀kọ́ kejì, òun sì ni ìdánwò tí mo fi ń yẹ irú ṣáàtì bẹ́ẹ̀ wò: ẹ yí òpó ọ̀tún padà, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ sọ. Ibi tí ìlà méjì ti gba orí ara wọn kọjá pàápàá kò ní ìtumọ̀ kankan, nítorí ẹ lè ti ibẹ̀ sún sí oṣù tó bá wù yín.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni mo fẹ́ kọ tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n n kò lè kọ ọ́ láìsọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí, mo wà ní ilé iṣẹ́ kan tó ń rí sí ìlera àwọn aláboyún. A ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àwọn aláboyún láti rán wọn létí ọjọ́ àyẹ̀wò, a sì ń san owó ọkọ̀ fún àwọn agbẹ̀bí tó ń lọ sí àwọn abúlé tó jìnnà sí títì. Nígbà tí àkókò ìjábọ̀ fún àwọn tó ń fún wa lówó tó, ọ̀gá wa ya ṣáàtì kan. Òpó òsì jẹ́ ti àtẹ̀jíṣẹ́, òpó ọ̀tún jẹ́ ti iye aláboyún tó wá fún àyẹ̀wò. Ìlà méjèèjì gòkè, wọ́n sì jọ parí sókè ní òpin ọdún. Gbogbo ìpàdé ló pàtẹ́wọ́.

Ohun méjì ló wà nínú ṣáàtì yẹn tí kò sí ẹni tó bèèrè nípa wọn. Èkíní, ìlà àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe iye tí a fi ránṣẹ́ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni. Àròpọ̀ kò lè sọ̀ kalẹ̀ láé. Bí a bá fi iye kan náà ránṣẹ́ lóṣooṣù, tí ohunkóhun kò sì yí padà, ìlà náà yóò máa gun òkè lọ gbọnrangandan, yóò sì bá ohunkóhun mìíràn tó bá ń pọ̀ sí i lọ́dún náà rìn. Èkejì, òpó ọ̀tún kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ibi tí oṣù tó kéré jù wà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oṣù tó kéré jù yẹn sì ni oṣù tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ń yanṣẹ́ lódì. Ilé ìwòsàn wà ní títì, àwọn obìnrin kò rí ibi lọ. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì parí, wọ́n padà wá.

Mo ya àwòrán náà lọ́nà mìíràn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo fi ṣáàtì kan sókè, òmíràn sísàlẹ̀, oṣù kan náà ló wà lábẹ́ àwọn méjèèjì, òpó kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Lókè, àtẹ̀jíṣẹ́ oṣooṣù tẹ́ pẹrẹsẹ. Nísàlẹ̀, iye aláboyún ga sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní oṣù tí àwọn nọ́ọ̀sì padà sẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn náà ó dúró síbẹ̀. Mo gbé e tọ ọ̀gá lọ. Ó ní ọmọdé ni mí, pé àwọn olówó kò nífẹ̀ẹ́ sí àwòrán tí kò ní ìtàn, pé ìjábọ̀ ti lọ. Wọ́n gé owó ọkọ̀ àwọn agbẹ̀bí, wọ́n fi kún owó àtẹ̀jíṣẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn abúlé tó jìnnà ni iye aláboyún tó ń gba àyẹ̀wò ti dín kù jù, níbi tí fóònù kì í ti í gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáadáa. Inú mi kò tíì yọ́ sí ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní. Àwọn obìnrin yẹn kò sí ní ìpàdé, wọn kò sì rí ṣáàtì tí wọ́n fi gba agbẹ̀bí lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ kẹta ni pé bí ẹ bá fẹ́ fi ohun méjì wéra, ẹ yà wọ́n sí ṣáàtì méjì tó wà lórí ara wọn, bí mo ti ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń yí padà ni ẹ fẹ́ fi wéra, ẹ sọ iye ọdún ìbẹ̀rẹ̀ di 100 fún àwọn méjèèjì, kí wọ́n lè jọ lo òpó kan: ní 2009, ìkọ̀sílẹ̀ Maine á wà ní 82, májárínì á wà ní nǹkan bíi 45. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹni tó bá yan ọdún ìbẹ̀rẹ̀ tó burú lè fi ìyẹn náà ṣi ènìyàn lọ́nà. Oṣù ìyanṣẹ́lódì kọ́ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé yíyọ òpó kejì kúrò ti tó. Òǹkà tí àwọn oníṣirò fi ń wọn bí ìlà méjì ṣe ń bára wọn rìn, tí kì í ju 1 lọ, jẹ́ 0.99 fún májárínì àti ìkọ̀sílẹ̀ Maine, òpó kankan kò sì lè yí i padà. Wọ́n kọ́ èmi pé kí n fi ìyípadà láti ọdún dé ọdún wéra dípò iye fúnra rẹ̀, nítorí ohun méjì tó jọ ń dín kù yóò jọ ara wọn nítorí ìyẹn nìkan. Mo ṣe é fún ọdún mẹ́wàá yẹn, òǹkà náà ṣì jẹ́ nǹkan bíi 0.93. Ìdí ni pé Vigen kò ronú kan májárínì kó tó wò ó. Kọ̀ǹpútà fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlà wéra, ó sì mú èyí tó bára mu jù lọ wá. Bí ẹ bá wá kiri tó, ẹ ó rí èyí tó yege gbogbo ìdánwò, pàápàá nígbà tí ọdún tí ẹ ní kò ju mẹ́wàá lọ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé ṣáàtì wá pé ìlà mélòó ni ó ti gbìyànjú kó tó dúró lórí èyí, kí ó sì sọ ọ̀nà tí ìkan gbà ń dé ara ìkejì.

Òpó méjì ní ibi tó tọ́ sí. Ìwọ̀n otútù àti ooru lè ní Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì lápá òsì àti Fárẹ́ńháìtì lápá ọ̀tún, nítorí ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n, ìlànà tó so wọ́n pọ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó ń yà á. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ náà ní àwòrán kan tí Walter àti Lieth fi lélẹ̀, níbi tí ooru 10 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì ti máa ń dọ́gba pẹ̀lú òjò mìlímítà 20. Òfin yẹn ti wà kí dátà tó dé, ìdí nìyẹn tí a fi lè fi ìlú kan wé òmíràn. Irú èyí nìkan ni `sec_axis()` nínú ggplot2 gbà: òpó kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ àyípadà òpó kìíní nípa ìlànà tí ẹ kọ sílẹ̀, tí ẹlòmíràn lè kà. Ṣùgbọ́n kò lè dá yín dúró bí ẹ bá fúnra yín ṣe ìlànà tó mú kí ìlà méjì dì mọ́ra, nítorí náà ìlànà yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ kà.

Láti ìsinsìnyí lọ, ìjábọ̀ tó bá ní òpó méjì tí yóò dé ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ ní ohun mẹ́ta lábẹ́ ṣáàtì: òǹkà mẹ́rin tí ẹ yàn àti ìdí tí ẹ fi yàn wọ́n, bóyá ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti oṣù tàbí àròpọ̀, àti ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò náà tó lè mú kí ìlà gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Bí ìyanṣẹ́lódì bá wà níbẹ̀, ẹ kọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tó parí.