Sẹ́dínà, ìyá òkun tí kò lè ya irun ara rẹ̀

Ọ̀rọ̀ Sẹ́dínà, ìyá òkun àwọn Ínúùtì ní ilẹ̀ yìnyín àríwá, ni mo gbé yẹ̀ wò lónìí. Nínú gbogbo òrìṣà omi tí mo mọ̀, kò sí èyí tí àánú rẹ̀ ṣe mí tó báyìí.

Bàbá rẹ̀ ló jù ú sínú òkun nígbà tí ìjì dé bá wọn nínú ọkọ̀. Ó di etí ọkọ̀ mú, bàbá sì gé ìka rẹ̀ ní oríkèé-oríkèé. Àwọn ìka náà di ẹran òkun: síìlì, wọ́lírọ́ọ̀sì àti àbùùbùtán. Ara rẹ̀ gan-an ni ẹran tí wọ́n ń pa jẹ ti wá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun ló ń tú wọn sílẹ̀, òun náà ló sì ń há wọn mọ́.

Bí ènìyàn bá rú èèwọ̀, bí obìnrin bá fi oyún tó bàjẹ́ lára rẹ̀ pamọ́, tàbí tí wọ́n bá da ẹran orí ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ti òkun, ẹ̀gbin rẹ̀ a máa ṣàn lọ sórí irun Sẹ́dínà nísàlẹ̀ omi. Irun náà a ta kókó, a bò ó lójú. Ọ̀ṣun ní òòyà lọ́wọ́. Sẹ́dínà kò ní ìka tí yóò fi dì í mú. Inú a bí i, a kó gbogbo ẹran sọ́dọ̀, ebi a sì wọ̀lú.

Ní 1922, Aua, ọ̀kan nínú àwọn awo Ínúùtì ti Iglulik, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ láyé ìgbà náà fún Knud Rasmussen, olùṣèwádìí ará Denmark. Awo á jókòó lẹ́yìn aṣọ ìkélé, bàtà àti ìbọ̀wọ́ nìkan ló máa ń wà lára rẹ̀. Àwọn tó kù á dijú, wọ́n á máa kọrin. Ẹ̀mí awo á sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun, á gba àárín òkúta ńlá mẹ́ta tó ń yí kiri kọjá, á sì ré ajá tó dábùú ẹnu ọ̀nà ilé Sẹ́dínà kọjá. Bàbá Sẹ́dínà á fẹ́ gbá a mú, torí ó rò pé òkú ni. Àfi kó yára sọ pé ẹlẹ́ran ara àti ẹlẹ́jẹ̀ lòun.

Inú ilé ni iṣẹ́ gan-an wà. Sẹ́dínà ti kọ̀yìn sí fìtílà àti sí àwọn ẹran. Awo á di èjìká rẹ̀ mú, á yí ojú rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀, á wá máa fọwọ́ ra á lórí, á máa tú irun náà díẹ̀díẹ̀, á sì máa bẹ̀ ẹ́. Bí inú rẹ̀ bá rọ̀, á máa ju àwọn ẹran sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, omi á sì gbé wọn jáde.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí. Tí awo bá padà dé, á ní òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ, gbogbo ilé á dáhùn pé kó sọ ọ́. Ibẹ̀ ni ìjẹ́wọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Oníkálùkù á máa ka ohun tó ṣe, títí wọn yóò fi kan ẹ̀ṣẹ̀ tó dá wàhálà sílẹ̀. Wọn kì í lé ẹni náà jáde. Ṣe ni inú wọn máa ń dùn sí i, torí wọ́n ti mọ̀ pé ẹran yóò wà lọ́la.