Ẹ má fi «Ṣé kò rí bẹ́ẹ̀?» parí iṣẹ́ yín

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ṣírò owó ọjà fún àwọn oníbàárà, ẹ jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan tó kó bá mi.

Ní ọ̀sán-gangan ọjọ́ kan, ìyá kan tó ń ta ọṣẹ fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi lórí wọ́sáàpù, ó ní: «Èló la tà lóṣù kẹta?» Àpapọ̀ tó wà nínú ìlà `Total` jẹ́ ₦4,300,000, fáàtì 7.5% sì ti wà nínú rẹ̀. Mo fi òye gbé e pé owó ọjà gan-an ló ń bèèrè, torí pé ti ìjọba ni fáàtì. Mo pín in sí 1.075, ó kù ₦4,000,000. (Ẹ má ṣe wá 7.5% lórí ₦4,300,000 kẹ́ ẹ wá yọ ọ́ o. ₦322,500 nìyẹn máa fún yín, bẹ́ẹ̀ ₦300,000 ni fáàtì.) Mo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá pé: «Mo gbà pé ẹ ò fẹ́ kí n ka fáàtì mọ́ ọn. Ṣé kò rí bẹ́ẹ̀?»

Màmá dáhùn: «Yẹ́ẹ̀sì.»

Mo rò pé òun àti èmi ti fẹnu kò. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí n kà á mọ́ ọn. Owó tó wọ báǹkì ló fẹ́ fi wé tèmi. Nígbà tí ₦300,000 dín, ọmọ tó ń gbowó ní ìsọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí, ọjọ́ méjì gbáko. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

«Bẹ́ẹ̀ ni» tiwa lẹ́yìn ìbéèrè tó ní «kò» nínú máa ń túmọ̀ sí pé òótọ́ ni, kò rí bẹ́ẹ̀. «Yẹ́ẹ̀sì» tí a yá lò, ọ̀nà méjèèjì lèèyàn lè gbà á. Nítorí náà, mi ò fi «kò» bèèrè mọ́. Ohun tí mo máa ń kọ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà gan-an, ni:

«₦4,000,000 la tà lóṣù kẹta. Mo ti yọ fáàtì ₦300,000 kúrò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wà níbẹ̀, ₦4,300,000 ni. Ẹ kọ YỌ tàbí KÀ.»

Ọ̀rọ̀ kan péré ló máa tẹ̀. Kódà tí kò bá dáhùn, iye tó ń wá ti wà lójú rẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo máa ń gbé síbẹ̀, èyí tó lè yí iye náà padà jù. Ọjà ₦6,000 tí wọ́n dá padà kì í sí lára rẹ̀, torí bí mo bá to àbá mẹ́rin jọ, «KÀ» rẹ̀ ò ní yé mi mọ́.

Tó bá jẹ́ owó ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ lórúkọ rẹ̀, mi ò ní fi òye gbé nǹkan kan. Màá kọ́kọ́ pè é.