Èwo nínú iṣẹ́ ìtànṣán ni káàdì àwòrán RTX 2060 mi lè gbé?

Mo ti fi géèmù Cyberpunk 2077 dán an wò tán. Àwòrán 1920×1080 ni mo lò, gbogbo nǹkan tó kù wà ní High, títì kan náà ni mo sì ń rìn ní Japantown, lóru, lẹ́yìn òjò. Láìtan réè-trésìn rárá, ìyẹn ìtànṣán tó ń tọ ipa ìmọ́lẹ̀, fírémù bí 60 ni mo ń rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Mílísẹ́kọ́ńdì ni mo fi ń ṣírò, kì í ṣe iye fírémù. Ní 60, káàdì ń fi 16.7 ya fírémù kọ̀ọ̀kan. Mo tan Ray-Traced Reflections tó ń ya àwòrán inú omi, ó wálẹ̀ sí 43, ìyẹn 23.3. Ó jẹ mí ní 6.6 nìyẹn. Bí káàdì ẹlòmíì bá ń ṣe 120, tí a sì fi 6.6 yìí kún un, 67 ló máa kù fún un. Ẹni tó wà ní 30 á bá ara rẹ̀ ní 25. Nítorí náà, kí n sọ pé mo pàdánù fírémù 17 kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí káàdì rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi.

Síbẹ̀ mi ò ní pa Reflections. Ọgbọ́n àtijọ́ tí géèmù ń dá, ohun tó bá wà lójú ìbòjú nìkan ló lè fi hàn nínú omi. Tí mo bá tẹ orí wò ilẹ̀, gbogbo iná pátákó ìpolówó á pòórá nínú adágún òjò. Ìtànṣán máa ń rí ohun tó wà lẹ́yìn mi pàápàá.

Sun Shadows ò jẹ ju 1.5 lọ, àmọ́ mo pa á: mo wò ó títí, mi ò rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ray-Traced Lighting ni alájẹkì gan-an. Ó rẹwà nínú ilé, lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tan án kún Reflections, 28 ni mo bá. Ó tó gẹ́ẹ́, mo pa òun náà.

DLSS ní Quality ló gbà mí. Ìtànṣán ń tẹ̀lé iye píksẹ́ẹ̀lì, 1280×720 ni káàdì sì ń yà níbẹ̀ kó tó fẹ̀ ẹ́, kò tó ìdajì iye ti tẹ́lẹ̀. Mo padà sí bí 57. Àwòrán inú omi kàn ń fà díẹ̀ bí mo bá ń sáré ni.

Cherry Blossom Market, ọjà inú Japantown, ló ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Níbẹ̀, bí mo tilẹ̀ sọ DLSS di Performance, fírémù ò gòkè, káàdì ò sì ṣiṣẹ́ ju ìdá 70 nínú 100 lọ. Kì í ṣe káàdì ló ń fa á sẹ́yìn nígbà náà, sípíyù ni: èrò ń rìn, ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí ìtànṣán fi ń wá nǹkan kiri gbọ́dọ̀ máa yí padà ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Crowd Density, ìyẹn bí èrò ṣe pọ̀ tó, ni màá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí Low.