Ibi tí mo fi ọ̀rọ̀ físà sí nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ mi

Obìnrin tó ń gba òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́ kan ní England ló ní kí n fi "share code" mi ránṣẹ́. Nọ́ńbà kan ni, tí àjèjì tó ti gba àṣẹ iṣẹ́ níbẹ̀ ń rí gbà lórí ìkànnì ìjọba, kí agbanisíṣẹ́ lè fi yẹ àṣẹ náà wò. Èmi wà ní Ọ̀tà nígbà yẹn, mi ò ní físà kankan. A sì ti bá ara wa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà mi ni pé mo ti múra tán láti kó wá sí ìlú wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè rò pé ìwé mi ti pé. Obìnrin náà sọ fún mi pé iléeṣẹ́ àwọn ò ní àṣẹ láti ṣe onígbọ̀wọ́ fún àjèjì, àti pé ká ní mo ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọn ì bá ti fèsì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí òótọ́ ni.

Ní báyìí, kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan, mo kọ́kọ́ máa ń lọ sí GOV.UK láti wo "Register of licensed sponsors: workers". Ibẹ̀ ni orúkọ gbogbo iléeṣẹ́ tó lè ṣe onígbọ̀wọ́ wà. Orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí ẹ wá, torí ó lè yàtọ̀ sí èyí tó wà lára ọjà wọn. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ "Route" sí, ìyẹn irú físà tí iléeṣẹ́ náà lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún. Bí ẹ bá rí "Skilled Worker" níwájú orúkọ wọn, ó dáa. Bó bá jẹ́ "Global Business Mobility" nìkan ló wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tiwọn tó ti wà ní ẹ̀ka wọn lókè òkun ni wọ́n lè gbé wọlé, kò kan ẹni tó ń wáṣẹ́ láti ìta bíi tèmi.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ míì tó ń wá ẹnjiníà tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ dá lórí iṣẹ́ tí mo ṣe lára ẹ̀rọ tó ń fa omi fún ọdún kan àti oṣù méjì. Ìpínrọ̀ kejì ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ físà. Mi ò fi ṣíwájú, torí mo fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí mo lè ṣe ná. Mi ò sì tì í sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kó má dà bí ohun tí mò ń fi pamọ́. Bí mo bá tú u sí Yorùbá, ohun tí mo kọ nìyí:

"Ọmọ Nàìjíríà ni mí, Nàìjíríà ni mo sì ń gbé. Mi ò tíì ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní Britain. Èmi yóò nílò ìwé onígbọ̀wọ́ láti ọ̀dọ̀ yín kí n tó lè béèrè físà Skilled Worker, mo sì ti rí orúkọ yín nínú ìwé àwọn onígbọ̀wọ́. Ọmọ ọdún 24 ni mí. Mo ti ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, mo sì ti yege nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba yín gbà."

Ọjọ́ orí tí mo kọ síbẹ̀ nídìí. Láti oṣù Keje ọdún 2025, £41,700 lọ́dún ni owó iṣẹ́ tó kéré jù fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń béèrè físà yìí. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 26 lè wọlé pẹ̀lú £33,400, bí owó náà ò bá ti kéré sí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba kà sí owó irú iṣẹ́ yẹn. £35,000 ni wọ́n kọ sínú ìpolówó. Agbanisíṣẹ́ tí kò rántí ìyẹn lè rò pé owó tòun ò tó, kó sì pa lẹ́tà mi tì. Iye wọ̀nyí máa ń yí padà, nítorí náà ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kọ tiyín.

Fọ́ọ̀mù wọn tún bi mí bóyá màá nílò onígbọ̀wọ́ nísinsìnyí tàbí lọ́jọ́ iwájú. Mo fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ìdáhùn yẹn nìkan ni wọ́n fi ń yọ èèyàn kúrò, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí mi láìmọye ìgbà. Síbẹ̀, ẹni tó bá kọ "rárá" síbẹ̀ yóò padà dé ibi tí wọ́n ti bi mí ní nọ́ńbà tí mi ò ní.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n fèsì. Wọ́n ní ìwé onígbọ̀wọ́ kankan ò sí nílẹ̀ fún ipò náà lásìkò yẹn, pé kí n jẹ́ kí ó di oṣù Kẹta. Nígbà tó dé, wọ́n pè mí. Ọ̀gá tó bá mi sọ̀rọ̀ ní òun ti ka ìpínrọ̀ kejì, ó wá bi mí bí mo ṣe ń mọ̀ pé bíárìn ẹ̀rọ omi ti fẹ́ bàjẹ́ kí ó tó dákẹ́.