Iye Fótò Pé, Ojú Ọmọ Ni Kò Bá Orúkọ Mu

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ káàkiri, àsìkò fótò pásípọ́ọ̀tù ti tún dé, mo sì ti rí i pé irú kóòdù Python tí a fi ń yí orúkọ fótò padà sí nọ́ńbà ọmọ, èyí tó kó mi sí wàhálà nígbà kan, ni ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi àmì / sínú orúkọ fáìlì. Bí nọ́ńbà ọmọ bá jẹ́ 2019/0147, ẹ kọ ọ́ ní 2019-0147, torí Windows kò ní gba ti tẹ́lẹ̀. Èkejì, ẹ ṣọ́ òdo tó wà níwájú, kó má já dànù: 0147 kì í ṣe 147. Ẹ̀kẹta ló mú mi jókòó kọ èyí.

Lọ́dún náà, ọmọ 3,140 ni orúkọ wọn wà nínú rẹ́jísítà wa. Onífótò ń yà wọ́n ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan bí orúkọ wọn ṣe tò, ọkùnrin ṣáájú, obìnrin tẹ̀ lé e. Fáìlì 3,140 náà ló wà nínú fìláàṣì tó kó fún mi, láti IMG_0001 dé IMG_3140. Ta ni yóò máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan? Mo kọ ìlà méjì lẹ́yìn `import os`; `nomba_omo` ni nọ́ńbà àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe tò nínú rẹ́jísítà:

```python
for foto, nomba in zip(sorted(os.listdir("foto")), nomba_omo):
    os.rename("foto/" + foto, "foto/" + nomba + ".jpg")
```

Ó ń to fótò bí nọ́ńbà kámẹ́rà ṣe tẹ̀ léra, ó sì ń so àkọ́kọ́ mọ́ ọmọ àkọ́kọ́, èkejì mọ́ ọmọ kejì, títí dé òpin. Kò pẹ́ rárá tó fi parí. Mo ka iye rẹ̀, ó pé. Mo ṣí mélòó kan níbẹ̀rẹ̀, mo ṣí mélòó kan nípẹ̀kun, gbogbo wọn tọ̀nà. A bá kó o fún àwọn tó ń tẹ káàdì ìdánimọ̀.

Káàdì dé, ọmọkùnrin kan ní SS1 bá ojú ọmọbìnrin lórí tirẹ̀.

Ọmọ kan ní JSS3 ni kò wá sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ fótò. Orúkọ rẹ̀ wà, fótò rẹ̀ kò sí. Kóòdù mi kò mọ̀, ó mú fótò ẹni tó tẹ̀ lé e fún un, ó mú ti ẹni tó tún tẹ̀ lé ìyẹn fún ìyẹn, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣi bọ́tìnnì àkọ́kọ́ dé. Nígbà tó di SS2, ọmọ kan dijú, onífótò tún un yà, kò sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Fótò àlékún yẹn ló dí àlàfo ẹni tí kò wá. Ìdí nìyí tí iye fi pé, tí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin fi tọ̀nà, nígbà tí ọmọ 640 láàárín ń gbé ojú ẹlòmíràn kiri. Èmi kò mọ ojú gbogbo wọn. Ibi tí ọkùnrin àti obìnrin ti pààlà nìkan ni àṣìṣe náà ti lè hàn sí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, mi ò sì wo ibẹ̀.

Èyí tó tún le jù ni pé `os.rename` ti pa nọ́ńbà kámẹ́rà rẹ́, onífótò sì ti nu káàdì inú kámẹ́rà rẹ̀. Ọjọ́ àti wákàtí tí kámẹ́rà kọ sínú fótò fúnra rẹ̀, `DateTimeOriginal`, ló gbà mí, torí yíyí orúkọ fáìlì padà kì í kàn án. Òun ni mo fi tún wọn tò. Ká ní WhatsApp ni onífótò fi fi wọ́n ránṣẹ́ bíi fótò lásán, ìyẹn náà ì bá ti bọ́ dànù.

Èmi ni wọ́n fún ní kúẹ́rì. Onífótò gba owó rẹ̀ pé, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tí kò kọ orúkọ ẹni tí kò wá sílẹ̀. Títí di òní ó ṣì ń dùn mí, ìdí sì nìyẹn tí n kì í fi gba fótò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láìsí àkọsílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lo `shutil.copy2` láti ṣe ẹ̀dà fótò sínú fódà tuntun, kí fáìlì onífótò wà bó ṣe wà. Ẹ gba fótò kíláàsì kọ̀ọ̀kan sínú fódà tirẹ̀, kí àṣìṣe kíláàsì kan má bàa ṣàn wọ òmíràn. Kí ọmọ di páálí tí a kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí mú níwájú àyà. Ẹ óò gé páálí náà kúrò tí ẹ bá ń gé fótò sí ìwọ̀n pásípọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú ògidì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ ojú gbogbo ọmọ kíláàsì náà sórí ìwé, orúkọ lábẹ́ ojú, kí ẹ gbé e fún olùkọ́ kíláàsì. Òun ló mọ̀ wọ́n. Kò ní jókòó tì í pẹ́ kó tó rí ẹni tí kì í ṣe ara rẹ̀. Bó bá ní ọwọ́ òun dí, ẹ má ṣe kó káàdì kíláàsì náà lọ fún títẹ̀ títí yóò fi buwọ́ lùwé náà.